Tírélà Mẹ́tàlá Lójúmọ́: Ìwé Tí Máníjà Kọ Sí Àwọn Tó Ń Kó Ọjà Wá

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn kọjá ní Ṣágámù ní ìdájí yóò rí àwọn tírélà tó tò sẹ́bàá ilé ìkẹ́rùsí. Awakọ̀ kan ń run orín, òmíràn ti ta ẹní sábẹ́ ọkọ̀, ó sì ń hanrun. Àwọn tí kò mọ̀ a máa sọ pé kí ni wọ́n ń wá níwájú géètì tí kò ní ṣí títí di aago mẹ́jọ. Òfin ló gbé wọn débẹ̀. Òfin ìrìnnà ọkọ̀ Ìpínlẹ̀ Èkó kò gbà kí tírélà máa rìn nígboro Èkó láti aago mẹ́fà àárọ̀ títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́, àfi ọkọ̀ epo àti bọ́ọ̀sì akérò. Ẹni tó bá di ẹrù ní Ìkejà tàbí Ìsọlọ̀, òru ni yóò fi jáde. Bó bá sì ti jáde, kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti dé Ṣágámù.

Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé ọ̀pọ̀ ìwé tí àwọn máníjà ilé ìkẹ́rùsí ń kọ nípa àkókò ìgbẹ́rù ni wọ́n kọ bí ẹni pé gbogbo ọkọ̀ ló lè dé ní aago tó bá wu èèyàn. Wọn a kọ ọ́ ní ìlà kan ṣoṣo: “A ń gba ẹrù láti aago mẹ́jọ àárọ̀ sí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́.” Ìlà yẹn dùn ún kà, ṣùgbọ́n òun gan-an ló ń dá ìjà sílẹ̀. Awakọ̀ tó dé ní aago mẹ́rin ààbọ̀ rò pé àkókò ṣì wà. Ẹ̀ṣọ́ géètì mọ̀ pé kò sí.

“Ẹ̀gbọ́n, a ò lè já ẹrù yín lónìí mọ́.”

“Ṣebí aago márùn-ún lẹ̀ ń tì? Aago mẹ́rin ààbọ̀ la wà yìí.”

“Páálí lásán lẹ kó wá. Ta ni yóò ka páálí fún yín títí di aago mẹ́jọ alẹ́?”

Àwọn méjèèjì ló jàre. Ìwé tó so wọ́n pọ̀ ni kò ṣàlàyé.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé ìkẹ́rùsí kan tí a fi ṣe àpẹẹrẹ, tó ń gba ọṣẹ àti oúnjẹ inú páálí fún àwọn ṣọ́ọ̀bù ńláńlá. Ẹnu ìjákẹ́rù mẹ́ta ló ní, èyí ni pé tírélà mẹ́ta ló lè fi ìdí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tírélà 20 dé lọ́jọ́ Ajé, 16 lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, 12 lọ́jọ́rú, 9 lọ́jọ́bọ̀, 8 lọ́jọ́ Ẹtì. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 65. Bí a bá pín in sí ọjọ́ márùn-ún, 13 ló máa kan ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ilé ìkẹ́rùsí yìí sì lè gba 13 láìṣe wàhálà kankan. Àyè kò kéré rárá. Gbogbo ayé ló kàn ń wá lọ́jọ́ kan náà. Wọ́n ti di ẹrù láti ìparí ọ̀sẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń gbà á lọ́jọ́ Sátidé. Tó bá wá di ìparí oṣù, tí àwọn olùtajà ń lé iye tí ilé iṣẹ́ wọn ní kí wọ́n tà, ọjọ́ Ajé yẹn a tún le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọkọ̀ tí kò bá rí àyè lọ́jọ́ Ajé a sun géètì, yóò sì di ẹrù fún ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Kí a tó lè pín àkókò, a ní láti mọ bí ọkọ̀ kan ṣe ń pẹ́ tó ní ẹnu ìjákẹ́rù. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yapa sí méjì. Bí ẹrù bá wà lórí pálẹ́ẹ̀tì, ìyẹn pákó pẹlẹbẹ tí fọ́kílíìfù ń ki ẹ̀ka bọ abẹ́ rẹ̀, pálẹ́ẹ̀tì 22 a bọ́ sílẹ̀ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 45. Kí wọ́n tó fi òǹtẹ̀ lu ìwé, wákàtí kan ti pé. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ páálí lásán ni wọ́n tò láti orí pákó ọkọ̀ dé òkè, ọwọ́ ni àwọn alábàárù yóò fi gbé e, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Mo ti dúró wò wọ́n lẹ́nu irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin méjì wà lókè ọkọ̀, wọ́n ń ju páálí sọ́wọ́ àwọn méjì tó wà nísàlẹ̀, àwọn méjì mìíràn ń tò ó sórí pálẹ́ẹ̀tì ilé ìkẹ́rùsí, nítorí pé kò sí ohun tó lè gun pẹpẹ inú ilé yẹn bí kò ṣe pálẹ́ẹ̀tì. Páálí mẹ́wàá ní ipele kan, ipele mẹ́fà lórí ara wọn, ó di 60. Akọ̀wé tó ń ka ẹrù a fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sí i lára, a wo ọjọ́ tí ọjà yóò bàjẹ́ lára páálí kan tàbí méjì, a fa ìlà kan sínú ìwé rẹ̀. Ọmọ ọkọ̀ náà ń fa ìlà tirẹ̀ sẹ́yìn páálí sìgá. Páálí 1,800 túmọ̀ sí pálẹ́ẹ̀tì 30. Nígbà tí wọ́n parí, ti akọ̀wé jẹ́ 1,799, ti ọmọ ọkọ̀ jẹ́ 1,800. Kò sí ẹni tó lè fọwọ́ síwèé, nítorí pé awakọ̀ ni yóò san owó páálí tó bá dín. Wọ́n tún un kà. Wákàtí mẹ́ta ni irú iṣẹ́ yìí ń gbà nígbà tí gbogbo nǹkan bá lọ déédéé.

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ló dé tí gbogbo wọn kò kúkú máa lo pálẹ́ẹ̀tì. Owó ni. Tírélà tó gba páálí 1,800 bí a bá tò ó lásán, pálẹ́ẹ̀tì 22 péré ló lè wọ inú rẹ̀, ìyẹn páálí 1,320. Olówó ọjà ti pàdánù àyè páálí 480, owó ọkọ̀ kò sì dín kọ́bọ̀. Pákó pálẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ lówó, ọ̀pọ̀ ni kì í sì í padà bọ̀ wálé. Nítorí náà, máníjà tó bá kàn pàṣẹ pé “pálẹ́ẹ̀tì nìkan la fẹ́” ti gbé owó tirẹ̀ lé àwọn ẹlòmíràn lórí nìyẹn, wọn yóò sì fi kún iye ọjà padà fún un. Tèmi ni pé kó jẹ́ kí àkókò sọ̀rọ̀: kó fún oní-pálẹ́ẹ̀tì ní àyè tó pọ̀, kó sì jẹ́ kí oní-páálí-lásán mọ̀ pé àyè òun kò ju iye kan lọ lójúmọ́.

Iye yẹn ni máníjà wa jókòó ṣírò. Láti aago mẹ́jọ sí ọ̀kan jẹ́ wákàtí márùn-ún. Wọ́n sinmi fún wákàtí kan, láti aago méjì sí márùn-ún jẹ́ wákàtí mẹ́ta. Ní ẹnu ìjákẹ́rù kìíní, páálí lásán kan láti aago mẹ́jọ sí mọ́kànlá, pálẹ́ẹ̀tì kan ní mọ́kànlá, òmíràn ní méjìlá, lẹ́yìn náà páálí lásán mìíràn láti aago méjì sí márùn-ún. Ẹnu ìjákẹ́rù kejì rí bákan náà. Ní ẹ̀kẹta, àárọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀sán jẹ́ ti pálẹ́ẹ̀tì: ọ̀kan ní aago méjì, ọ̀kan ní aago mẹ́ta. Aago mẹ́rin, ó fi sílẹ̀ gbayawu. Ẹ kà á: páálí lásán márùn-ún, pálẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ, ó pé 13. Wákàtí kan tó ṣẹ́kù ni ti ẹni tí táyà rẹ̀ bẹ́ lọ́nà. Àwọn ọ̀gá tó fẹ́ràn kí gbogbo àyè kún a máa ní ìfowóṣòfò ni, ṣùgbọ́n láìsí wákàtí yẹn, ọkọ̀ kan ṣoṣo tó bá pẹ́ ni yóò da gbogbo ọjọ́ rú.

Láti inú ìṣirò yìí ni ohun tó yẹ kó wà nínú ìwé ti jáde, ó sì yàtọ̀ sí “aago mẹ́jọ sí aago márùn-ún.” Ẹni tó bá kó páálí lásán kò gbọdọ̀ dé lẹ́yìn aago méjì. Ẹni tó kó pálẹ́ẹ̀tì, aago mẹ́ta ni òpin. Lọ́jọ́ Ẹtì, tí ọ̀pọ̀ alábàárù ń lọ kírun Jímọ́ọ̀, ìsinmi yóò gùn dé aago méjì ààbọ̀, wákàtí mẹ́ta kò sì sí nílẹ̀ mọ́ kí ó tó di aago márùn-ún. Nítorí náà, kò sí páálí lásán lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì. Ìwé tí máníjà kọ nìyí:

“Sí ẹ̀yin tí ẹ ń kó ọjà wá fún wa,

Láti ọjọ́ Ajé kejì nínú oṣù Kẹsàn-án, tírélà tó bá ti gba àkókò sílẹ̀ nìkan ni a ó máa já ẹrù rẹ̀. Bí ẹrù yín bá jẹ́ páálí lásán, aago mẹ́jọ àárọ̀ tàbí aago méjì ọ̀sán ni àkókò yín. Bó bá wà lórí pálẹ́ẹ̀tì, ẹ lè mú aago mọ́kànlá, méjìlá, méjì tàbí mẹ́ta. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, pálẹ́ẹ̀tì nìkan la ó gbà, ní aago méjì ààbọ̀ àti mẹ́ta ààbọ̀.

Kí aago méjìlá ọ̀sán tó lù lọ́jọ́ tó ṣáájú, ẹ fi nọ́ńbà ọ́dà, iye páálí, bí ẹ ṣe dì í, àti ìlú tí ọkọ̀ ti ń bọ̀ ránṣẹ́ sí wa. A ó fún yín ní nọ́ńbà àkókò. Ẹ lè fi nọ́ńbà ọkọ̀ àti fóònù awakọ̀ ránṣẹ́ títí di aago mẹ́jọ alẹ́.

Kí ọkọ̀ dé ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú àkókò rẹ̀. Bó bá fi ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú pẹ́, àyè rẹ̀ ti bọ́. Oní-pálẹ́ẹ̀tì lè rí àyè aago mẹ́rin gbà bó bá ṣófo. Oní-páálí-lásán yóò tún àkókò mìíràn gbà.

Bó bá jẹ́ àwa la pẹ́, tí a kò bẹ̀rẹ̀ sí í já ẹrù lẹ́yìn wákàtí kan tí àkókò yín ti tó, a ó kọ aago tí ẹ dé àti aago tí a bẹ̀rẹ̀ sára wéébìlì, a ó sì fi òǹtẹ̀ lù ú.

Ọkọ̀ kékeré tí ẹrù rẹ̀ kò ju 100 páálí lọ kò nílò àkókò. Kó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ láàárín aago mẹ́wàá sí méjìlá.”

Ìwé náà kò gùn, ṣùgbọ́n àwọn ibì kan wà níbẹ̀ tí ó yẹ ká dúró lé.

Ẹ wo ti nọ́ńbà ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ìkẹ́rùsí ní ń béèrè rẹ̀ pọ̀ mọ́ gbogbo nǹkan yòókù láago méjìlá ọ̀sán, wọn a sì máa bínú nígbà tí ọkọ̀ mìíràn bá yọjú. Ẹni tó ń ta ọṣẹ kì í sábà ní tírélà tirẹ̀. Ó ń háyà ni. Ọlọ́kọ̀ pẹ̀lú kò mọ ọkọ̀ tí yóò fi ránṣẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́, torí pé èyí tó ní lọ́kàn lè ṣì wà níbòmíràn tí wọn ò tíì já ẹrù rẹ̀. Bí a bá fi dandan béèrè nọ́ńbà ọkọ̀ lọ́sàn-án, nọ́ńbà tó bá sáré wọ̀ wọ́n lọ́kàn ni wọn yóò kọ, ẹ̀ṣọ́ géètì yóò sì wá lé ọkọ̀ gidi padà lọ́jọ́ kejì. Sísún un di alẹ́ kò ná ilé ìkẹ́rùsí ní nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ ọlọ́kọ̀ yìí kan náà ló fà á tí ọ̀pọ̀ ìwé fi ń kú sórí tábìlì. Akọ̀wé ilé iṣẹ́ tó ń ta ọjà ni a kọ ọ́ sí. Ó kà á, ó ní ó dáa, ó fi í sínú fáìlì. Ẹni tó ni ọkọ̀ kò rí i, awakọ̀ tí ọ̀rọ̀ kàn jù kò gbọ́ ọ rí. Máníjà wa fi ọ̀rọ̀ ṣókí mìíràn sí ìsàlẹ̀, ó ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí fóònù awakọ̀ bí wọ́n bá ti mọ ẹni tó ń bọ̀: “Ṣágámù, ọ̀la, aago méjì ọ̀sán. Dé ní aago kan ààbọ̀. Nọ́ńbà àkókò rẹ ni 214. Mú wéébìlì àti ìwé ọ́dà dání.” Mo fẹ́ràn èyí ju ìwé náà fúnra rẹ̀ lọ. Awakọ̀ lè fi han ẹ̀ṣọ́ géètì láìsọ ọ̀rọ̀ púpọ̀.

Èwo wá ni ti ìlú tí ọkọ̀ ti ń bọ̀? Òun ni máníjà fi ń pín àárọ̀ àti ọ̀sán. Ọkọ̀ Èkó ti wà níwájú géètì kí ilẹ̀ tó mọ́, kò lè pẹ́. Òun ló yẹ kó gba aago mẹ́jọ, pàápàá bó bá kó páálí lásán, nítorí pé ẹ rí i pé oní-páálí-lásán tó bá pẹ́ kò ní àyè ìgbàlà kankan lọ́jọ́ yẹn. Bó bá já ẹrù tán láago mọ́kànlá, awakọ̀ á sinmi, torí tírélà rẹ̀ kò lè wọ Èkó kí aago mẹ́sàn-án alẹ́ tó lù. Ọkọ̀ Ìbàdàn àti ọkọ̀ Àgbárá tó gba Pápáláńtò wá lè rìn lọ́sàn-án, ọ̀sán ni kí wọ́n mú. Ti Kánò ló ṣòro, kò sí ẹni tó lè sọ ọjọ́ tí yóò dé pẹ̀lú ìdánilójú. Ohun tó bọ́gbọ́n mu ni kí ọkọ̀ òkè ọya dúró sí gáréèjì àwọn tírélà ní Ògèrè, kó pè láti ibẹ̀, kó sì gba àyè tó bá ṣófo lọ́jọ́ kejì. Ògèrè kò jìnnà sí Ṣágámù, ó sì sàn ju kó lọ gúnlẹ̀ sẹ́bàá títì márosẹ̀.

Àwọn awakọ̀ wa kò ṣàjèjì sí irú ètò báyìí. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2021 ni àjọ tó ń ṣàkóso èbúté ọkọ̀ ojú omi nílẹ̀ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìlànà orí ẹ̀rọ ayélujára tí wọ́n pè ní Ètò, láti máa pe àwọn tírélà wọ Àpápá látinú gáréèjì dípò kí wọ́n máa tò sórí afárá. Ìtòlọ́wọ̀ọ̀wọ́ náà dín kù, ṣùgbọ́n àwọn awakọ̀ ń ráhùn pé àwọn kan ń gba owó lọ́nà kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹni tó ní àyè kọjá. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbi gbogbo tí àyè bá ti wọ́n nìyẹn, géètì Ṣágámù kò sì yàtọ̀. Bí ẹ̀ṣọ́ bá ni ìwé orúkọ lọ́wọ́ òun nìkan, kò ní pẹ́ tí àyè aago mẹ́jọ yóò fi ní iye owó. Máníjà wa ní kí wọ́n lẹ ìwé àkókò ọ̀la mọ́ ara géètì láago mẹ́sàn-án alẹ́, pẹ̀lú nọ́ńbà ọkọ̀ àti aago, kí ẹni tó bá fẹ́ lè fi iná fóònù kà á.

Ọkọ̀ kékeré náà ṣe pàtàkì. Ìyá tó ń ṣe ìpékeré ní Ìjẹ̀bú, tó kó 40 páálí sínú kóróòpe, kò lè máa fi nọ́ńbà àkókò du àyè pẹ̀lú tírélà ọṣẹ. Ẹrù rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Bí wọ́n bá tò ó mọ́ àwọn tírélà, yóò dúró wákàtí mẹ́ta kí wọ́n tó kàn án, ìpékeré rẹ̀ yóò sì ti wó lábẹ́ oòrùn. Àwọn kan yóò fẹ́ fi ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ yẹn ṣe màgòmágó, wọn yóò pín ẹrù tírélà kan sí bọ́ọ̀sì mẹ́wàá. Nọ́ńbà ọ́dà ni a fi ń dá wọn mọ̀: bí bọ́ọ̀sì mẹ́ta bá gbé ọ́dà kan náà dé lójúmọ́, ẹ fún wọn ní àkókò bíi ti àwọn ẹgbẹ́ wọn.

Nípa dẹ́mọ́réèjì, ọ̀pọ̀ máníjà ń sá fún un. Ọlọ́kọ̀ ń gba owó lọ́wọ́ olówó ọjà fún ọjọ́ tí ọkọ̀ rẹ̀ fi dúró, olówó ọjà ní ilé ìkẹ́rùsí ló fà á, ilé ìkẹ́rùsí ní ọkọ̀ ló pẹ́. Òǹtẹ̀ tó gbé aago méjèèjì ni yóò parí rẹ̀. Ilé ìkẹ́rùsí tí kò bá fẹ́ kọ aago tí òun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ìyà jẹ ẹni tó pẹ́.

Láti ọ̀sẹ̀ kìíní ni wọ́n ti ń kọ aago mẹ́ta sílẹ̀ fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan: ìgbà tó dé, ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í já a, ìgbà tó jáde. Bí ọkọ̀ bá dé lásìkò ṣùgbọ́n tí wọ́n pẹ́ bẹ̀rẹ̀, ilé ìkẹ́rùsí ló jẹ̀bi: ó lè jẹ́ fọ́kílíìfù kan ló bàjẹ́, tàbí alábàárù kò pé. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ lásìkò ṣùgbọ́n tí pálẹ́ẹ̀tì ń gba wákàtí kan àti ààbọ̀, wákàtí kan kò tó nìyẹn, àwọn kan lè ti máa to páálí gíga tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ní láti tún un tò kó tó wọ pẹpẹ. Bó bá sì jẹ́ pé ilé iṣẹ́ kan náà ló ń gba àyè tí kì í wá, kí máníjà pè é lórí fóònù kó tó kọ ìwé kankan. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọlọ́kọ̀ ló ń já a kulẹ̀.

Ìwé yìí kò ní tó lò nínú oṣù Ọ̀pẹ. Ọjà Kérésìmesì máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti oṣù Kọkànlá, 13 kò sì ní gbé e. Ohun tí máníjà ń gbèrò ni láti fi ẹgbẹ́ alábàárù kejì kún un, kí wọ́n máa já ẹrù láti aago mẹ́fà àárọ̀ títí di aago mẹ́jọ alẹ́. Ìwé ọ̀tọ̀ ni yóò kọ fún ìyẹn, yóò sì kọ ọjọ́ tí àkókò gígùn náà yóò parí sínú rẹ̀ gedegbe, nítorí pé bí kò bá kọ ọ́, ẹnì kan yóò gbé tírélà dé géètì láago méje alẹ́ nínú oṣù Kejì.